Títo Ọ̀rọ̀ Orin fún Ojú Ògiri

Láti Benson ní Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ara ògiri ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ka orin báyìí. Ìwé orin kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó to síláìdì ni ó ń pinnu bóyá ìyá àgbà tí ó wà lẹ́yìn yóò kọrin tàbí yóò dákẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ óò ṣe iṣẹ́ yìí fún ìsìn ìdúpẹ́ wa, ẹ gba àlàyé díẹ̀.

Síláìdì PowerPoint ga ní póíǹtì 540. Bí ẹ bá fi lẹ́tà 54 kọ ọ́, tí ẹ sì fi àyè 1.3 sáàárín ìlà, ìlà mẹ́rin yóò gba díẹ̀ ju ìdajì lọ. Ìlà mẹ́jọ kò lè wọlé. Àyè yẹn ṣe pàtàkì fún Yorùbá, nítorí bí ìlà bá fún pọ̀, àmì ohùn orí ìlà kan yóò kọlu àmì abẹ́ ìlà tí ó wà lókè rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi ipá kó ìlà mẹ́jọ sínú àpótí kan, ẹ̀rọ yóò dín lẹ́tà kù fúnra rẹ̀ láìsọ fún yín. Ẹ yan "Do not Autofit", kí ẹ sì pín ẹsẹ onílà mẹ́jọ sí síláìdì méjì, mẹ́rin-mẹ́rin.

Ibi tí ìwé orin ti gé ìlà ni kí ẹ gé e, nítorí ibẹ̀ ni ohùn orin ti ń sinmi. Àwọn orin kúkúrú tí kò sí nínú ìwé ni ó ń fa ìṣòro. Ẹ jẹ́ kí n fi gbólóhùn tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má ṣe kọ ọ́ báyìí:

Olúwa tí ó mú wa dé ibi tí
a dé lónìí, a mú ọpẹ́
wá fún ọ

Báyìí ni kí ẹ kọ ọ́:

Olúwa tí ó mú wa
dé ibi tí a dé lónìí,
a mú ọpẹ́ wá fún ọ

Nínú ti àkọ́kọ́, akọrin yóò mí sí àárín ọ̀rọ̀. Bí ìlà bá gùn jù, ibi tí èémí àti ìtumọ̀ bá ti parí pọ̀ ni kí ẹ gé e.

Ní ti ètò ẹsẹ, ẹ ṣe ẹ̀dà ègbè sẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ń tẹ ẹ̀rọ má baà máa sáré padà sẹ́yìn. Àwọn orin mìíràn tilẹ̀ ń fi ègbè bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí Cecil Frances Alexander tẹ̀ jáde ní 1848 nípa ohun gbogbo tí Ọlọ́run dá. Bí alága ìsìn bá ní kí a fo ẹsẹ kejì, ẹni tí ó ní ìwé pélébé tí nọ́ńbà síláìdì wà lára rẹ̀ yóò tẹ nọ́ńbà náà àti Enter, yóò sì dé ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ ṣí iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà ilé ìsìn gan-an kí ọjọ́ tó pé. Bí irú lẹ́tà tí ẹ lò kò bá sí níbẹ̀, àmì lè fò kúrò lórí ẹ̀ àti ọ́, ọkọ̀ yóò sì di ọkọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan tí ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ dúró sí ìjókòó tí ó kẹ́yìn, kí ó ka ẹsẹ kan sókè láìlo awò.