Kọnsúmà tó Ń Ṣubú Láìkú: Ohun tó Yẹ kí Ẹnjinníà Kọ Sílẹ̀ kó tó Fa Iṣẹ́ Léni Lọ́wọ́

Ní ilé-iṣẹ́ tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, rísíìtì tó ń wọlé sórí fóònù oníbàárà lẹ́yìn tó bá sanwó kì í sábà wá tààrà láti ọ̀dọ̀ ètò tó gba owó. Ètò tó gba owó kàn ń kọ iṣẹ́ náà sórí ìlà ni, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ètò mìíràn, tí àwọn ẹnjinníà ń pè ní kọnsúmà, ló ń ka àwọn iṣẹ́ orí ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni Kafka, tí ilé-iṣẹ́ LinkedIn ṣe, tí wọ́n sì gbé síta ní 2011 fún ẹnikẹ́ni láti lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ẹnjinníà máa ń gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tí ìṣọ́ bá kàn ni ìpè máa ń jí lóru nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Bí ẹni tó mọ kọnsúmà kan dunjú bá ń lọ, ìwé tó bá fi sílẹ̀ nìkan ni ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yóò gbójú lé. Ìwé tó sọ pé kọnsúmà yìí kò lágbára, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ dáadáa, kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ìdí tó fi ń ṣubú, àmì tí a fi ń dá a mọ̀, àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Ìdí ni kí á kọ́kọ́ mú. Kọnsúmà kì í bu iṣẹ́ kan ṣoṣo lórí ìlà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, iye tó pọ̀ jù tó lè bù lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ 500, orúkọ ètò yìí sì ni `max.poll.records`. Kafka tún fún un ní gbèdéke: láàárín ìgbà tó bu iṣẹ́ àti ìgbà tó tún padà wá bù, ìṣẹ́jú 5 kò gbọ́dọ̀ kọjá. Èyí ni `max.poll.interval.ms`. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, Kafka á kà á sí ẹni tó ti kú, á gba ẹ̀ka ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì pín in fún kọnsúmà mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan láàárín ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Iṣẹ́ 500 yóò gba 100 ìṣẹ́jú àáyá, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kan, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù náà ń falẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wá ń gba ìdá méje nínú mẹ́wàá. Iṣẹ́ 500 di 350 ìṣẹ́jú àáyá, gbèdéke sì jẹ́ 300. Nígbà tí gbèdéke pé, kọnsúmà ti fi nǹkan bí 428 rísíìtì ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kọnsúmà yìí kì í fi àmì sí ibi tó dé àyàfi tó bá parí gbogbo ohun tó bù. Nítorí náà, kọnsúmà kejì tó gba ẹ̀ka náà bẹ̀rẹ̀ láti iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó tún fi rísíìtì kan náà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà kan náà, gbèdéke sì tún ká a mọ́ ibi tó ti ká ẹni àkọ́kọ́ mọ́. Bí wọ́n ṣe máa yí po nìyẹn. Kò sí èyí tó kú nínú wọn, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ kárakára, iṣẹ́ kò sì kúrò lójú kan.

Ohun tó ń tan ẹni ìṣọ́ jẹ gan-an nìyí. Bó bá wo sáfà, á rí i pé ètò náà wà láàyè, ọwọ́ rẹ̀ sì dí. Ibi tó yẹ kó wò ni àṣẹ yìí:

```
kafka-consumer-groups.sh --bootstrap-server localhost:9092 \
  --describe --group risiti-sms
```

Nínú ohun tó bá jáde, `CURRENT-OFFSET` ni ibi tí kọnsúmà fi àmì sí, `LOG-END-OFFSET` ni òpin ìlà, `LAG` sì ni iye iṣẹ́ tó ṣì wà nílẹ̀ láàárín méjèèjì. Kí ó pa àṣẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sáàárín. Bí `LAG` bá ń ga, tí `CURRENT-OFFSET` kò sì yẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ka, nígbà tí àwọn oníbàárà ń ráhùn pé rísíìtì kan náà ń wọlé léraléra, gbèdéke ló ń pa á. Lọ́ọ̀gì á jẹ́rìí sí i, torí gbólóhùn `consumer poll timeout has expired` á wà níbẹ̀.

Àìsàn mìíràn wà tó fara jọ ọ́, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo ló dúró, tí àwọn yòókù ń lọ, tí lọ́ọ̀gì sì ń tọ́ka àṣìṣe kan náà lórí nọ́mbà kan náà, iṣẹ́ kan tó bàjẹ́ ló há sí kọnsúmà lọ́rùn, bóyá nọ́mbà fóònù tí kò pé. Ìyẹn kò kan gbèdéke rárá. Ṣe ni wọ́n máa kọ́kọ́ da iṣẹ́ náà kọ síbòmíràn, kí wọ́n tó fò ó.

Fún àìsàn gbèdéke, ohun tí ìwé rere máa sọ kò ju báyìí lọ:

"Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá ń gbà ju ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ, kọnsúmà yìí yóò ṣubú. Ẹ dín `max.poll.records` kù sí 100, kí ẹ tó tún un tàn. Ẹ má kàn pa á kí ẹ tún un tàn lásán. Ẹ má fi kọnsúmà kún un, ẹ̀ka 6 ló wà, kọnsúmà 6 ló sì wà. Ẹ má sún àmì lọ sí òpin ìlà."

Gbogbo gbólóhùn yìí ló ní ìdí. Ìdá mẹ́fà jẹ́ 300 tí a pín sí ọ̀nà 500. Bí iye iṣẹ́ bá di 100, 70 ìṣẹ́jú àáyá ni yóò gbà bí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tilẹ̀ ń falẹ̀, àmì á sì máa sún síwájú. Pípa á àti títàn án lásán máa ń mú kí Kafka tún ìpín ṣe ni, rísíìtì á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọnsúmà keje kò ní rí ẹ̀ka gbà, àyè ni yóò jókòó sí. Èyí tó burú jù ni kéèyàn sún àmì lọ sí òpin: `LAG` á di òdo, ìpè á dákẹ́, àwọn tí iṣẹ́ wọn wà láàárín kò sì ní rí rísíìtì gbà.

Àwọn mìíràn yóò ní kí wọ́n fi gbèdéke náà gùn sí i. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni: bí kọnsúmà kan bá há lóòótọ́, ìgbà tí Kafka á fi mọ̀ á gùn sí i bákan náà. Dídín iye iṣẹ́ kù ló sàn jù. Síbẹ̀, kò mú kí iṣẹ́ yá ju bí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ṣe yá lọ. Bí iṣẹ́ tó ń wọlé bá pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, ìlà á ṣì máa gùn.

Ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó lè bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sọ̀rọ̀, àti ìgbà tó pẹ́ jù tí a lè dúró. Bí wọn kò bá yí ètò Kafka padà, wákàtí 168, ìyẹn ọjọ́ 7, ló ń tọ́jú iṣẹ́ sórí ìlà. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń pa wọ́n rẹ́, yálà kọnsúmà ti kà wọ́n tàbí kò tíì kà wọ́n.