Ṣé O Mọ̀? Fóònù Olóògbé Ṣì Ń Dún

Ká sọ pé òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ní òpópónà Ọba Akran, Ìkẹjà, jáde láyé. Agége ló ń gbé, ó sì ń ta bàtà lórí Wasáàpù lẹ́yìn iṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá lo Wasáàpù rẹ̀ fún 120 ọjọ́, iléeṣẹ́ Wasáàpù sábà máa ń pa àkáǹtì náà rẹ́? Inú rẹ̀ sì ni orúkọ àwọn oníbàárà tó ti sanwó tí wọn kò tíì gba bàtà wà, pẹ̀lú àwọn tó jẹ olóògbé lówó. Kí ẹbí tètè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà rẹ̀ lè di ti ẹlòmíràn? Bí nọ́ńbà bá lo oṣù mẹ́fà láìpe ẹnikẹ́ni, láìra dátà, iléeṣẹ́ fóònù lè tì í pa. Bí ó bá pé ọdún kan, wọ́n lè tà á fún ẹni tuntun. Bí Fesibúùkù bá fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sórí rẹ̀, ọwọ́ àjèjì ló máa bọ́ sí. Nítorí náà, kí ẹbí máa fi owó díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì máa fi pe ènìyàn títí wọn yóò fi parí ètò lórí gbogbo àkáǹtì rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìkéde tó yára jù lè dá ọgbẹ́ lé ọgbẹ́? Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, 2024, ọkọ̀ ojú omi dojú dé pẹ̀lú òṣèré Junior Pope. Ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn òṣèré kéde pé ó kú, ó tún kéde pé ó wà láàyè, kí ó tó wá hàn pé ó ti kú ní tòótọ́. Ẹbí ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà kí ẹnìkan ṣoṣo láti inú ilé kọ ìkéde náà.

Ṣé o mọ̀ pé láti 2009 ni Fesibúùkù ti ń sọ ojú ìwé òkú di ibi ìrántí? Ọ̀rọ̀ "Remembering" á hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, kò sì ní rán ọ̀rẹ́ létí ọjọ́ ìbí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò lè wọlé, bó tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Wọ́n máa béèrè ẹ̀rí, bí ìwé ẹ̀rí ikú tí àjọ ìkànìyàn ń fúnni.

Ṣé o mọ̀ pé alààyè lè yan arọ́pò fún ojú ìwé Fesibúùkù rẹ̀ ní "Memorialization"? Arọ́pò yìí lè pààrọ̀ àwòrán, kí ó sì kọ ìkéde sókè ojú ìwé, àmọ́ kò lè ka ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ olóògbé.