Ọjà Ọrọọrún, Owó Olóṣooṣù

Ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà mọ ọjọ́ tí oṣù parí. Ọjà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni wàhálà owó ẹgbẹ́ ọlọ́jà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń ka ọjọ́ ọjà ọrọọrún, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń yí po. Nínú oṣù Èrèlé ọlọ́jọ́ 28, ẹ̀ẹ̀meje péré ni wọn yóò ná an. Nínú àwọn oṣù tó kù, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀meje, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Akápò tó bá fi ẹ̀ẹ̀mẹjọ ṣírò oṣù gbogbo ti ń ná owó tí kò ní wọlé.

Ká sọ pé ìsọ̀ 120 ló wà nínú ọjà kan, tí onísọ̀ kọ̀ọ̀kan ń san ₦300 lọ́jọ́ ọjà fún ọdẹ àti ìmọ́tótó. (Èmi ni mo fi iye wọ̀nyí ṣàpẹẹrẹ; ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò wọn.) Lórí ìwé, ₦36,000 ni ọjà kan, ọjà mẹ́jọ sì di ₦288,000. Ìpàdé á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìdí tíkẹ́ẹ̀tì oṣù mẹ́ta tó kọjá sílẹ̀, kí ẹ ka iye tí wọ́n já ní tòótọ́. Ẹnìkan lọ síbi òkú, òjò sé ẹlòmíràn mọ́lé, ìsọ̀ kan wà ní títì láti ọdún tó kọjá, ẹnìkan sì rèé tó gbà pé àbúrò alága kì í sanwó. Bí ó bá jẹ́ pé 90 ló ń san, ₦27,000 ni ọjà kan, ọjà méje sì jẹ́ ₦189,000. Iye yìí ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ẹ wo ìnáwó wàyí. Ọdẹ mẹ́ta ń gba ₦40,000 lóṣù, ìyẹn ₦120,000. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti àwọn nǹkan kéékèèké jẹ́ ₦6,000. Àwọn méjì tó ń gbálẹ̀ ń gba ₦3,000 ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ọjà, ó di ₦42,000 fún ọjà méje. Ọkọ̀ tó ń kó pàǹtírí ń wá lẹ́ẹ̀mejì, ₦15,000 nígbà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦198,000. Ẹgbẹ́ tó rò pé òun yóò rí owó tọ́jú ti jẹ gbèsè ₦9,000. Bí wọ́n bá sọ owó di ₦350, ọjà méje yóò mú ₦220,500 wá, ₦22,500 yóò sì ṣẹ́kù. Èmi fẹ́ èyí ju kí a máa retí pé àwọn 30 tó kù yóò ṣàdédé ronú pìwà dà.

Gbèsè ọdẹ kì í pariwo. Ọdẹ tí a kò san owó rẹ̀ pé kì í sábà kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dọ̀ onísọ̀ kan sí òmíràn lálẹ́, á ní kí wọ́n wá nǹkan fún òun kí òun lè fojú sí ibẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ti gbọ́ irú rẹ̀, ẹ lọ wo ìwé owó.

Sítọ́ọ̀ kò gbọ́dọ̀ sí nínú ₦350 yẹn. Aláta ń tà tán, ó sì ń gbé agbọ̀n òfìfo lọ sílé. Alágbàdo ló ń fi ogún àpò sílẹ̀ de ọjà tó ń bọ̀. Kò sí ìdí tí aláta yóò fi bá a san owó ìkẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí àpò sanwó fún ara rẹ̀: ₦100 fún ọjà kọ̀ọ̀kan tó bá sùn, ìyẹn ₦700 nínú oṣù ọlọ́jà méje. Bí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ bá ń gba ₦30,000, tí àtúnṣe òrùlé, àgádágodo àti pákó tí wọ́n ń to àpò lé kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má bàa bù ú jẹ́ ₦5,000, àpò 50 ló máa gbé e.

Àpò kì í pé 50 nígbà gbogbo ṣá. Lẹ́yìn ìkórè, ó lè tó 110, ₦42,000 yóò sì lé. Nígbà tí àgbàdo bá wọ́n, tí tuntun kò sì tíì gbó, ó lè ku 20, ẹgbẹ́ yóò sì fi ₦21,000 kún un lóṣù. Èlé oṣù ìkórè kan péré ló gbé oṣù ọ̀wọ́n méjì, bí wọn kò bá ti fi ra aṣọ ẹgbẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ ọjà, kí ẹni méjì tí kì í ṣe olùtọ́jú sítọ́ọ̀ wọlé lọ ka àpò, kí wọ́n sì fi wé rìsíìtì ọjọ́ náà. Bí àpò bá jẹ́ 64, tí rìsíìtì jẹ́ 51, orí 13 yẹn ni kí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀.