Kí ló ń mú kí imú àti iwájú orí tóbi nínú sẹ́fì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa bí wọ́n bá ti fi pọ́tábù ya ara wọn tán: "Haa, ṣé bí imú mi ṣe tóbi tó nìyí?" Àwọn mìíràn á ní iwájú orí àwọn ti yọ jù, wọn á sì pa fótò náà rẹ́. Imú yín kò ṣẹ̀ o. Ibi tí pọ́tábù wà ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wò.

Níbòmíràn ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá àwàdà. Ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, Boris Paskhover, rí i pé àwọn ènìyàn ń mú sẹ́fì wá bá òun, tí wọ́n ń ní kí òun gé imú àwọn kù. Ní ọdún 2018, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò wọn jáde: bí kámẹ́rà bá wà ní nǹkan bíi 30 sàǹtímítà sí ojú, imú á fẹ̀ tó bí 30 nínú 100 ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá wà ní mítà kan ààbọ̀, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ẹ ò rí i pé ẹlòmíràn lè jẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ kan imú òun nítorí ọwọ́ tí kò gùn tó!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti ṣóńṣó imú dé etí, ká ní ó jẹ́ sàǹtímítà 12. Bí ẹ bá di pọ́tábù mú ní sàǹtímítà 30 sí imú, á jẹ́ pé ó jìnnà sí etí ní 42. Ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló máa ń tóbi, nítorí náà imú á fi 40 nínú 100 tóbi ju etí lọ. Ẹ wá sún sẹ́yìn dé 150: etí wà ní 162, ìyàtọ̀ náà kò ju 8 lọ. Bákan náà ni iwájú orí. Bí ẹ bá gbé pọ́tábù sókè ju orí lọ, iwájú orí ló sún mọ́ ọn jù, á wú, àgbọ̀n á sì kéré. Bí ẹ bá gbé e sísàlẹ̀, àgbọ̀n àti ihò imú ló máa gba gbogbo ojú.

Ẹnì kan lè sọ pé, dígí ńkọ́, ṣebí a máa ń sún mọ́ ọn? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ní 40 sàǹtímítà sí dígí, àwòrán yín wà lẹ́yìn dígí ní 40 míì, ó di 80. Ìdí nìyẹn tí dígí fi ń bá wa lára mu ju sẹ́fì lọ.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ní alẹ́, tó bá jẹ́ pé iná ojú pọ́tábù nìkan ló ń tàn, imú tó wà ní 30 á gba ìmọ́lẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì èyí tí etí gbà. Imú á mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú á ṣókùnkùn, ojú á wá dà bíi pé imú nìkan ló wà níbẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn wà lókè orí: iwájú orí àti igi imú á máa dán, pàápàá bí ẹ bá fi òrí para tàbí tí òógùn ń bọ̀, òjìji dúdú á sì wà lábẹ́ imú tí á mú un gùn. Seydou Keïta, tó ṣí ilé fótò rẹ̀ ní Bàmákò ní 1948, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ inú àgbàlá ló ń lò jù, ẹ sì wo bí ojú àwọn ènìyàn ṣe rí nínú àwòrán rẹ̀.

Tó bá jẹ́ fótò tí ẹ fẹ́ fún ìwé ìdánimọ̀ tàbí tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àna, ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, nínú ibòji, kí ẹ kọjú síta. Kí ẹlòmíràn fi kámẹ́rà ẹ̀yìn pọ́tábù yà yín láti mítà kan ààbọ̀ tàbí méjì, kó gbé e sí ọ̀gangan ojú yín. Ojú yín á kéré nínú fótò náà. Ẹ tẹ 2x, tàbí kí ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù tó bá yá. Gígé yẹn kò ní yí imú padà, nítorí ibi tí kámẹ́rà dúró sí ló ń pinnu ìrísí rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó máa yà yín, ẹ gbé pọ́tábù ti nǹkan, kí ẹ tẹ Minuteur.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní fótò nílẹ̀, ẹ wo etí. Bí ẹ bá kọjú sí kámẹ́rà tààrà, tí kò sí gèlè tàbí irun tó bò wọ́n, tí etí méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ti sún mọ́ yín jù nígbà tí wọ́n yà á.