Owó Tó Wà ní Báńkì Kọ́ Ni Owó Tó Kù

Nílé iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́ ṣe iṣẹ́ ìlú, ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù máa ń bi ẹ̀ka ìṣúná jù ni pé: "Èló ló kù?" Bí akáńtáǹtì bá fèsì pẹ̀lú béèsìláìnì, kọmítímẹ́ǹtì, àkírúà àti bọ́ọ̀nù réètì, ọ̀pọ̀ á kàn mi orí, wọn á sì lọ wo iye tó wà ní báńkì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ká ní àjọ kan gba mílíọ̀nù 60 náírà láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí abúlé mélòó kan láàárín oṣù 12. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n pín owó náà sí oṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn aláṣẹ sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni béèsìláìnì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mílíọ̀nù 30 ló yẹ kó ti lọ nígbà tí oṣù kẹfà bá parí. Òun ni wọ́n á máa fi wọn ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, nítorí náà a kì í yọ́ ọ tún ṣe torí pé epo gbówó lórí. Bí ètò bá yí padà, ẹ kọ òmíràn, kí aláṣẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ti àkọ́kọ́.

Oṣù kẹfà parí. Mílíọ̀nù 21 ló ti kúrò ní báńkì: owó oṣù òṣìṣẹ́, epo ọkọ̀ àti owó ilé, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ mílíọ̀nù 3.5 lóṣooṣù. Mílíọ̀nù 39 ló wà nílẹ̀. Ọ̀gá iṣẹ́ náà yọ mílíọ̀nù 21 sọ́tọ̀ fún oṣù mẹ́fà tó kù, ó rí i pé 18 ló ṣẹ́kù, ó sì ní kí wọ́n ra ọkọ̀ mílíọ̀nù 15.

Ohun tí kò kà sí ni pé ní oṣù kẹrin, àjọ náà ti fún agbẹ́kànga ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, mílíọ̀nù 14. Lọ́jọ́ náà, kọ́bọ̀ kan kò kúrò ní báńkì, ṣùgbọ́n owó náà ti di ti ẹlòmíràn bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ni kọmítímẹ́ǹtì.

Nígbà tí oṣù kẹfà fi parí, agbẹ́kànga ti gbẹ́ kànga tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 6, omi ti ń yọ, ìwé owó rẹ̀ ni kò tíì dé. Akáńtáǹtì gbọ́dọ̀ kọ mílíọ̀nù 6 yẹn sílẹ̀ nínú oṣù kẹfà tí iṣẹ́ náà ti parí, kì í ṣe oṣù tí wọ́n bá sanwó. Àkírúà nìyẹn. Irú ìlànà yìí ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gùn lé ní 2016, nígbà tó kúrò lórí kíka kìkì owó tó wọlé àti èyí tó jáde.

Bí mílíọ̀nù 6 bá ti di àkírúà, ó ti kúrò nínú kọmítímẹ́ǹtì, ó ku 8. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni oṣù tó tẹ̀ lé e: ìwé owó dé, wọ́n san án, ẹnì kan kò sì pa àkírúà náà rẹ́. Bí ẹ bá rí i pé agbẹ́kànga ti gba mílíọ̀nù 12 nínú ìwé fún iṣẹ́ mílíọ̀nù 6, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, mílíọ̀nù 27 ni iṣẹ́ náà jẹ gan-an. Ó fi 3 péré dín sí ti béèsìláìnì, kì í ṣe 9 tí báńkì ń sọ. Bí a bá pín 27 sí oṣù mẹ́fà, a ó rí mílíọ̀nù 4.5: iye tí iṣẹ́ ń jẹ lóṣù kan, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀nù réètì. Ẹ má gbára lé e láìwo inú rẹ̀, o. Owó agbẹ́kànga kì í lọ lóṣooṣù, gìrì ló ń lọ, ó sì lè mú kí ìṣirò náà ga tàbí kó rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fara mọ́ kí a yọ irú owó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀: mílíọ̀nù 3.5 lóṣù fún ìnáwó ojoojúmọ́, kí a wá fi kọmítímẹ́ǹtì 8 kún un.

Lára 60, 27 ti lọ, ó ku 33. Oṣù mẹ́fà tó kù á jẹ 21, agbẹ́kànga á gba 8. Mílíọ̀nù 4 ló ṣẹ́kù lóòótọ́. Bí wọ́n bá ra ọkọ̀ yẹn, mílíọ̀nù 11 ni wọn ò ní rí san kí ọdún tó parí.

Akáńtáǹtì kò lè mọ̀ pé omi ti yọ lábúlé bí ẹni tó wà níbẹ̀ kò bá sọ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, kí oṣù tó parí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó ti parí tí a kò tíì sanwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìṣúná, pẹ̀lú gbogbo ìwé àṣẹ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ sí.