Bí Yìnyín Ṣe Yí Ètò Ìkọ́ni Padà

Ọ̀rọ̀ òrùlé tí ìjì ṣí lórí kíláàsì ni mo bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú Ìbàdàn. Níbi tí mo ti ń dúró de ọ̀gá àgbà ni mo ti rí bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá wo ọmọọmọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu fèrèsé Púráímárì Fóò, ó ń wo pátákó. Tíṣà ti ya nǹkan onígun mẹ́rin kan, ó kọ “yìnyín” sábẹ̀ rẹ̀. Ó ya ife, ó kọ “omi” sí i. Ó wá ya ìkòkò tí èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ tẹ orí ba, wọ́n ń dà á kọ. Bàbá mi orí, ó ní: “Wọ́n ń kọ́ ọmọ ní yìnyín, kò sì sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi tẹ̀lé wọn délé. Wọ́n fa ìwé kan yọ lábẹ́ Bíbélì àti ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bọ́. Lẹ́sìn nóòtì wọn ayé àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n kọ fún ogójì ìṣẹ́jú péré, lórí ipò mẹ́ta tí nǹkan máa ń wà: líle, olómi, àti afẹ́fẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sójú ìwé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfáàrà. Wọ́n kọ ọ́ pé: “Pín yìnyín kí o tó sọ̀rọ̀.”

Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ nígbà náà yóò mọ̀ pé èyí kò bá ìlànà mu. Jámánì ni ìlànà ọ̀hún ti ṣẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó jogún èrò Herbart lẹ́yìn tó kú lọ́dún 1841; àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó sì dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nílẹ̀ wa. Ìfáàrà ló ń ṣíwájú, àlàyé tẹ̀ lé e ní ìpele-ìpele, ìbéèrè tẹ̀ lé àlàyé, iṣẹ́ àmúrelé sì gbẹ̀yìn. Bí olùbẹ̀wò bá wọ kíláàsì, ojú ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ta ló wá láyà tó fi yìnyín síwájú ìfáàrà?

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí màmá kan tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ni rí yà wọlé. Bàbá ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ètò sáyẹ́ǹsì fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà ló ti wá, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1965 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ ẹ̀kọ́ kan láti Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni pé àjọ ọ̀hún ti ṣe odindi ìwé olùkọ́ kan lórí yíyọ́ yìnyín, tó jẹ́ pé ohun èlò ló ń wọlé ṣáájú àlàyé. Ṣùgbọ́n Màmá kò gbà. “Ẹ má gbé e fún Amẹ́ríkà, Tíṣà àgbà. Ifẹ̀ ni.” Ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́dún 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́. Níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Màmá ní nígbà tí ọmọ bá lè fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ohun tó rí, olùkọ́ ni yóò máa gbọ́, kò ní í nídìí láti fi ìfáàrà gígùn ṣáájú mọ́.

Àwọn méjèèjì fa ọ̀rọ̀ náà títí tí kọfí fi tutù. Èmi kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, nítorí nígbà tí mo ka ojú ìwé náà dáadáa, mo rí i pé yìnyín fúnra rẹ̀ ló yí ètò náà padà.

Yìnyín kì í yára yọ́ bí a ṣe rò. Ní nǹkan bí ọdún 1761, Joseph Black, oníṣègùn àti onímọ̀ kẹ́míkà ní Glasgow, gbé ìgò méjì tó jọra sínú gbọ̀ngàn kan. Yìnyín wà nínú ọ̀kan. Omi tí òtútù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti yìnyín wà nínú èkejì. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí yìnyín tó yọ́, kí omi rẹ̀ sì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé ibẹ̀, ó gbà tó wákàtí mẹ́wàá àti ààbọ̀. Ohun tí Black rí ni pé yìnyín máa ń gba ọ̀pọ̀ ooru mì láìgbóná sí i rárá. Gbogbo ooru yẹn ló ń ná lórí yíyọ́. Ooru tó yọ́ yìnyín ìwọ̀n kan, bí a bá fún omi ìwọ̀n kan náà tó wà ní òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, yóò gbé e dé nǹkan bí ọgọ́rin.

Ibi tí ogójì ìṣẹ́jú ti há nìyẹn. Bàbá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ kan tí òun mọ̀, tó ra píọ̀ wọ́tà tó ti dì gan-an, tó gbé odindi rẹ̀ ka orí tábìlì. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe ìfáàrà, ó wá ní kí àwọn ọmọ máa wò ó bó ṣe ń di omi. Àgógó lù, yìnyín wà níbẹ̀ gbọin, omi díẹ̀ ló yí i ká. Ọmọ kan sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé yìnyín kì í yọ́ ní kíláàsì. Nínú ọ̀rá onídajì lítà kan, a ní ìdajì kílò yìnyín, èyí tó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó yọ́ tán. Bí a tún dá omi sí i láti ràn án lọ́wọ́, a ṣì lè jákulẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó: yìnyín ọgọ́rùn-ún gíráàmù, nínú omi igba gíráàmù tó wà ní 30 Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ooru tó wà nínú omi yẹn kò lè yọ́ ju nǹkan bí gíráàmù márùndínlọ́gọ́rin lọ kí òun fúnra rẹ̀ tó bọ́ sí òdo. Èyí tó kù yóò máa léfòó níbẹ̀. Àmọ́ bí yìnyín bá jẹ́ àádọ́ta gíráàmù péré, gbogbo rẹ̀ ni yóò yọ́, omi á sì tutù dé nǹkan bí mẹ́jọ.

Nítorí náà ni ìwé Bàbá ṣe sọ pé kí wọ́n fọ́ yìnyín sí wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan má ju orí àtàǹpàkò lọ, kí ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà jókòó pọ̀, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì gba ègé mẹ́ta tó dọ́gba. Wọn yóò fi ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, wọn yóò máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Wọn yóò fi ọ̀kan sínú àwo lásán. Wọn yóò fi aṣọ nípọn wé ẹ̀kẹta. Àárín ìgbà tó ń yọ́ ni olùkọ́ ń sọ̀rọ̀: ṣé yìnyín máa ń gba ìrísí àwo? Omi rẹ̀ ńkọ́? Ìdáhùn wà lọ́wọ́ wọn, ó ń kán sílẹ̀.

Kí wọ́n tó wé ẹ̀kẹta, olùkọ́ gbọ́dọ̀ béèrè èyí tí yóò kọ́kọ́ yọ́. Màmá ní gbogbo kíláàsì tí òun ti béèrè rẹ̀, ariwo “èyí tó wà nínú aṣọ!” ló ń gbọ̀n yàrá, nítorí àwọn ọmọ mọ̀ pé aṣọ ń múni móoru. Ti àtẹ́lẹwọ́ ló ń kọ́kọ́ tán, ti àwo tẹ̀ lé e, ti inú aṣọ ló sì ń gbẹ̀yìn. Aṣọ kò ní ooru tirẹ̀. Ńṣe ló ń dí ooru ìta lọ́nà. Nígbà yẹn ni ọmọ kan yóò rántí pé àpò ìdọ̀họ ni àwọn tó ń ta yìnyín lọ́jà fi ń bo ọjà wọn. Bí olùkọ́ bá gbàgbé láti gba èrò wọn sílẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, gbogbo wọn ló máa sọ pé àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ipò kẹta, ti afẹ́fẹ́, ló ni olùkọ́ lára jù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé omi híhó síwájú ọmọ ogójì. Èéfín funfun tí à ń rí lẹ́nu kẹ́tùlù pàápàá kì í ṣe afẹ́fẹ́ omi. Ẹ̀kán omi tíntìntín ló ti dà. Afẹ́fẹ́ omi gan-an kì í hàn sójú. Ohun tí wọ́n wá ń lò ni ife tó ń làágùn. Wọn yóò bu yìnyín sínú ife gbígbẹ, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ omi yóò máa jáde lára rẹ̀ níta. Àwọn ọmọ á ní ife ń jò. Kí wọ́n má bàa fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi sobo ni kí wọ́n fi ṣe yìnyín ife yẹn. Inú ife pọ́n, omi ara rẹ̀ mọ́ gaara. Bó bá jẹ́ pé ó jò ni, ì bá pọ́n. Inú afẹ́fẹ́ tó yí ife ká ló ti wá.

Ta ló mú sobo wọ ètò náà? Bàbá ní òun ni. Màmá ní ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tó ti kúrò níṣẹ́ kí àwọn tó débẹ̀ ni òun ti rí i. Ẹsẹ̀ ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí kò ní déètì, ọwọ́ ìkọ̀wé ibẹ̀ kò sì jọ ti Bàbá. Mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ mìíràn nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní inú lẹ́sìn nóòtì tí wọ́n ti tẹ̀ tán, tí àwọn ń rà lọ́jà báyìí, kò sí sobo, kò sí aṣọ, àwòrán ìkòkò ló wà níbẹ̀. Ó dùn mí, nítorí owó ìwé yẹn yóò ra yìnyín tó tó odindi kíláàsì.

Ohun kan ṣoṣo ni àwọn àgbà méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ìgbà ọyẹ́. Lóṣù January, afẹ́fẹ́ ti gbẹ débi pé ife tó kún fún yìnyín lè jókòó títí kí ara rẹ̀ má tutù sómi, ọmọ á sì lọ sílé pẹ̀lú ipò méjì péré. Màmá máa ń sún un síwájú di ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé fún olùbẹ̀wò.