Bí Awakọ̀ Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Ń Kọ Ìjábọ̀ Ìkọlù Ọkọ̀

Ẹni tó máa fi ìjábọ̀ yín ṣiṣẹ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kọ lu ọkọ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́ yín, òṣìṣẹ́ adójútòfò, ọlọ́pàá, nígbà míì adájọ́, ẹ̀yìn tí wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ kúrò tí òjò sì ti fọ ojú títì ni wọ́n máa ka ohun tí ẹ kọ. Ohun tí ẹ kò bá kọ, kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi máa rí i mọ́.

Ẹ̀mí ló ṣáájú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sí ibi tí àwọn tó ń bọ̀ ti máa tètè rí i, kí ẹ sì wo ẹni tó bá fara pa. Nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122. 112 náà wà fún pàjáwìrì. Ẹ̀yìn èyí ni ìjábọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan gbé bọ́ọ̀sì Háìsì láti Ìbàdàn, ó ń lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọ̀nà àtijọ́. Ó ti kọjá Mónìyà. Aago méje àárọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Kòtò kan wà ní apá àwọn tó ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn, omi sì kún inú rẹ̀. Máíkírà akérò kan yà fún kòtò náà, ó bọ́ sí apá ti Háìsì, ni iwájú òsì àwọn méjèèjì bá kọ lu ara wọn. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí awakọ̀ Máíkírà fi ń pariwo pé Háìsì ló wá bá òun ní apá òun.

Kí ni awakọ̀ Háìsì máa fi gbe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀? Ibi tí ọkọ̀ dúró sí ni, àti ibi tí èérún bọ́ sí. Àwọn èrò máa ń fẹ́ ti ọkọ̀ kúrò kíá kí ọ̀nà lè là, wọn kò sì ṣe búburú. Nítorí náà, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi ẹfun, èédú tàbí àfọ́kù bíríkì fa ìlà sí ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò láti òkèèrè lákọ̀ọ́kọ́, kí ọkọ̀ méjèèjì, kòtò náà àti òpó iná tó wà nítòsí lè hàn pọ̀ nínú àwòrán kan. Ẹ tún yà á láti apá kejì. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wá sún mọ́ ohun tó bà jẹ́. Púpọ̀ awakọ̀ máa ń ya iná tó fọ́ nìkan, iná tó fọ́ kò sì lè sọ apá ọ̀nà tó ti fọ́.

Ìwọ̀n ló kàn. Téèpù kápẹ́ńtà tó, ó yẹ kó wà nínú ọkọ̀. Ẹ mú ohun kan tí kò lè kúrò lójú kan, bí òpó iná tàbí orí afárá kékeré, kí ẹ máa wọn nǹkan láti ibẹ̀ àti láti etí títì. Awakọ̀ wa kọ ọ́ báyìí: “Títì fẹ̀ tó mítà 7.3 láti etí dé etí. Táyà iwájú ọ̀tún Háìsì jìn sí òpó iná ní mítà 9.2, ó sì ti jáde kúrò lórí títì ní sẹ̀ǹtímítà 80. Àfọ́kù gíláàsì àti ẹrẹ̀ tó já bọ́ kóra jọ sójú kan, mítà 2.5 sí etí títì apá ọ̀tún mi.”

Ẹrẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí ọkọ̀ méjì bá kọ lu ara wọn, amọ̀ tó ti gbẹ mọ́ abẹ́ fẹ́ńdà máa ń já bọ́ lójú kan náà, nígbà tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè yí lọ síwájú tàbí kó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó dúró. Ìlàjì títì yẹn jẹ́ mítà 3.65. Bí ẹrẹ̀ bá wà ní mítà 2.5 sí etí ọ̀tún Háìsì, á jẹ́ pé apá ti Háìsì ni ìkọlù ti ṣẹlẹ̀, ó sì fi mítà kan lé díẹ̀ wọ inú rẹ̀. Awakọ̀ kò nílò láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Àmọ́ gíláàsì nìkan kò tó ẹ̀rí, torí ó máa ń ta jìnnà. Ẹ wá ibi tí ẹrẹ̀ pọ̀ sí, àti ibi tí irin ti họ ojú títì.

Nípa ojú ọ̀nà, “ọ̀nà kò dáa” kò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ bí kòtò ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, apá ibi tó wà, bóyá omi bò ó. Ẹ kọ bóyá títì tutù, bóyá oòrùn wà lójú yín, bóyá iyanrìn wà nílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù, ipa táyà lè má hàn. Ẹ kọ pé ẹ wá a, ẹ kò rí i. Eré tí ẹ ń sá náà, ohun tí ẹ rí lórí ago ọkọ̀ ni kí ẹ kọ. Ti ẹnìkejì, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n. “Ó ń sáré àsápajúdé” kò wúlò bí “ó ku nǹkan bí àlàfo òpó iná kan láàárín wa nígbà tó yà”.

Ẹ fi ọwọ́ ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ pe òsì àti ọ̀tún, kí ẹ sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ti Háìsì: iná iwájú òsì fọ́, bọ́ńpà wọlé kan táyà, fẹ́ńdà òsì ká láti sẹ̀ǹtímítà 45 sí 95 sókè ilẹ̀, ọ̀dà Máíkírà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Gíga yẹn ni òṣìṣẹ́ adójútòfò máa fi bá ara ọkọ̀ kejì mu. Ilẹ̀kùn ọ̀tún ti wọnú tẹ́lẹ̀; awakọ̀ wa kọ ìyẹn náà pé ó ti wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá da ìbàjẹ́ àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun ń fi gbogbo ìjábọ̀ rẹ̀ wewu, torí wọ́n á mọ̀.

Lọ́wọ́ ẹnìkejì, ẹ gba orúkọ, fóònù, nọ́ńbà ìwé ìwakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ ya fọ́tò ìwé adójútòfò rẹ̀, kí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí hàn. Òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ orí títì ní adójútòfò tó kéré tán máa san ohun ẹlòmíràn tó bà jẹ́. Bí ẹni tó wakọ̀ kì í bá ṣe ẹni tó ni ín, ẹ gba ti àwọn méjèèjì. Ẹ wá ẹlẹ́rìí tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú yín wá, bí ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ béèrè ibi tó dúró sí nígbà náà, kí ẹ kọ ọ́.

Ẹ má kọ “èmi ni mo jẹ̀bi” tàbí “òun ló jẹ̀bi”, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn owó kankan lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ yín mọ̀ sí i. Àdéhùn adójútòfò sábà máa ń sọ pé wọn kò ní san bí awakọ̀ bá ti gba ẹ̀bi láìsọ fún wọn. Èyí kò sọ pé kí ẹ parọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ yà sí apá ẹlòmíràn, ẹ kọ pé ẹ yà, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀. Ohun kan náà ni kí ẹ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí wọ́n lè gbé ìwé méjèèjì síra wọn.

Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹ tó sùn, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ aago tí ẹ kọ ọ́ sí i. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílé ara yín: ilé-iṣẹ́ lè ta ọkọ̀ náà, ọ̀gá yín sì lè fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yín ni ilé-ẹjọ́ máa pè.